Oníbàárà tó ń yìn yín kò kọ̀ láti fún yín níwèé ẹ̀rí, ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kó rọrùn fún un

Bí oníṣẹ́ ọwọ́ bá parí iṣẹ́ nílẹ̀ yìí, tí iṣẹ́ náà sì dáa, àdúrà ni oníbàárà máa fi ń lé owó tó bá san. "Ọlọ́run á jẹ́ kó o rí iṣẹ́ ńlá ṣe. Ọwọ́ rẹ kò ní í rọ. Ibi gíga ni wàá dé." Oníṣẹ́ á ṣe àmín, á palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ó dilé. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹlòmíì tí ò mọ̀ ọ́n rí á fẹ́ gbé irú iṣẹ́ yẹn gan-an fún un, á sì béèrè pé ta lo ti ṣe irú ẹ̀ fún, kí ni onítọ̀hún sì sọ? Ìgbà yẹn ni oníṣẹ́ wa á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá nọ́ńbà oníbàárà àtijọ́ kiri nínú fóònù. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ nǹkan kékeré kan nípa iṣẹ́ tí mo ṣe fún yín." Oníbàárà á ní kò burú, òun á kọ ọ́ lálẹ́ òní. Ọ̀sẹ̀ kan á kọjá, oṣù kan á kọjá, kò ní í rí nǹkan kan gbà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń rò nígbà náà ni pé ahun lẹni yẹn, tàbí pé kò fẹ́ kí àwọn tẹ̀ síwájú. Èrò tèmi yàtọ̀ sí ìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ibi tí irú ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, oníbàárà náà kò ní nǹkan kan sínú. Iṣẹ́ la gbé fún un. A ní kó jókòó, kó ronú ohun tí yóò sọ, kó wá èdè tí yóò fi sọ ọ́, kó kọ ọ́, kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣi nǹkan kọ, kó tó wá fi ránṣẹ́. Ẹni tó sanwó fún wa pé ká bá òun ṣiṣẹ́ la tún ń gbé iṣẹ́ fún lọ́fẹ̀ẹ́. Bí àbá tí mo fẹ́ dá lónìí bá ní ìtumọ̀ kankan, òun náà ni pé kí oníṣẹ́ gba iṣẹ́ yẹn padà sọ́wọ́ ara rẹ̀, kó má ṣẹ́ ju ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìfọwọ́sí lọ fún oníbàárà.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì tí àwọn èèyàn máa ń pò pọ̀ sọ́tọ̀. Ìwé ẹ̀rí tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ìwé tó ń fi hàn pé iṣẹ́ àgbàṣe ti parí. Àwọn tó ń wá iṣẹ́ ìjọba mọ èyí dáadáa. Láti ìgbà tí òfin ìgbéṣẹ́-jáde ti ìjọba àpapọ̀ ti wáyé lọ́dún 2007, bí iléeṣẹ́ ìjọba bá polówó iṣẹ́ nínú ìwé ìròyìn, wọ́n sábà máa ń ní kí agbaṣẹ́ṣe mú ẹ̀rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó ti ṣe sẹ́yìn wá. Ìwé tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ náà fún un àti ìwé pé ó parí rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Àwọn ìwé yẹn kò sọ bóyá inú ẹnikẹ́ni dùn, pé iṣẹ́ wà àti pé ó parí ni wọ́n ń sọ. Ìwé ẹ̀rí oníbàárà ní tirẹ̀ ń sọ ohun tí ojú ẹni tó gbéṣẹ́ fúnni rí. Ọ̀kan kò lè rọ́pò èkejì. Ẹni tó bá kó lẹ́tà ìyìn mẹ́wàá lọ síbi tí wọ́n ti ń béèrè ìwé ìparí iṣẹ́, wọ́n á dá a padà. Ẹni tó bá sì gbé ìwé ìparí iṣẹ́ síwájú obìnrin tó fẹ́ kọ́ ilé ìdáná tuntun, tó ń bẹ̀rù pé káfíńtà á kó owó òun lọ, ìwé yẹn kò ní í fi bẹ́ẹ̀ tù ú nínú.

Ìgbà wo ló yẹ ká béèrè? Àwọn kan gbà pé ọjọ́ tí a gbé iṣẹ́ sílẹ̀ gan-an ló dáa jù, nítorí inú oníbàárà ṣì ń dùn. Mo gbà pẹ̀lú wọn bó bá jẹ́ pé alásè ni, tàbí aránṣọ, tàbí ẹni tó ń ya fọ́tò ayẹyẹ. Nǹkan tó ṣe ti di lílò, àwọn àlejò ti jẹun, ìyàwó ti wọ aṣọ, ọ̀rọ̀ ti tán. Ọjọ́ kejì ayẹyẹ tàbí ọjọ́ kẹta ló dáa láti bá wọn sọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe òrùlé, tó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, tó ṣe fèrèsé tàbí tó to ẹ̀rọ sólà, ọjọ́ tó gbé e sílẹ̀ kò tíì sí ẹni tó mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́. Òjò kò tíì rọ̀ sórí òrùlé. Ohun kan ṣoṣo tí oníbàárà lè jẹ́rìí sí lọ́jọ́ yẹn ni pé oníṣẹ́ náà ní ìwà ọmọlúàbí, ó sì gbálẹ̀ kó tó lọ. Ìyẹn dáa, àmọ́ kò tó. Irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kàn fẹnu bà á lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gbé iṣẹ́ sílẹ̀: "Mà, bó bá tó bí oṣù kan tí ẹ ti ń lò ó, màá pè yín láti mọ̀ bó ṣe ń ṣe sí." Nígbà tí ẹ bá wá pè, kì í ṣe pé ẹ já lù ú.

Nǹkan kan tún wà nípa àsìkò tí n kò ní í fojú fò. Ẹ má ṣe béèrè ìwé ẹ̀rí nígbà tí owó yín bá ṣì kù lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹni tó jẹ yín lówó tí ẹ tún ń bẹ̀ fún oore, ẹ ti fún un ní ohun tí yóò fi dúnàádúrà. Kò ní í pẹ́ tí yóò fi ní, "Ṣé ẹ rí i, mo ti kọ lẹ́tà tó dáa fún yín, ẹ fi èyí tó kù yẹn jìn mí." Kódà bí kò bá sọ ọ́, ọkàn ẹ̀yin náà kò ní í balẹ̀ láti bi í léèrè owó mọ́. Kí owó kọ́kọ́ wọlé, kí a fún un ní rìsíìtì, kí bíi mélòó kan nínú ọjọ́ kọjá. Àwọn kọ́lékọ́lé nìkan ni mo yọ sílẹ̀ nínú èyí, nítorí pé nínú iṣẹ́ ilé ńlá, wọ́n sábà máa ń dá díẹ̀ dúró nínú owó agbaṣẹ́ṣe títí oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan, bóyá ìdá 5 nínú 100, kí wọ́n fi wò ó bóyá ilé á ya. Ẹni tó bá ní òun á dúró de ìyẹn, oníbàárà á ti gbàgbé bí iṣẹ́ náà ṣe lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá fi iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, ká tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ jẹ́ ká sọ pé oníṣẹ́ iná kan ní Ìbàdàn bá iléèwé aládàáni kan to ínfátà. Ínfátà náà, 5kVA ni wọ́n kọ sí i lára, bátìrì mẹ́rin ló wà nídìí ẹ̀, páànẹ̀lì sólà mẹ́jọ sì wà lórí òrùlé. Obìnrin àgbàlagbà kan ló ni iléèwé náà. Ó ti san owó tán. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ti ń lò ó, ó sì pe oníṣẹ́ náà lórí fóònù láti béèrè bí wọ́n ṣe ń nu eruku orí páànẹ̀lì. Nínú ọ̀rọ̀ yẹn ló ti ní, "Ọmọ mi, mo gbádùn nǹkan yìí o, Ọlọ́run á bá ọ ṣe é."

Ibi tí ilẹ̀kùn ti ṣí nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fẹnu ara rẹ̀ yin iṣẹ́ yín láìjẹ́ pé ẹ bi í, ẹ dáhùn ìbéèrè tó tìtorí ẹ̀ pè ná, ẹ wá fi ọ̀rọ̀ yìí tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, ó lè lọ báyìí:

"Ẹ káàsán mà, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Inú mi dùn nígbà tí ẹ ní ínfátà yẹn ń ṣe dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ bẹ̀ yín fún nǹkan kan. Àwọn iléèwé tó fẹ́ ṣe irú ẹ̀ máa ń fẹ́ gbọ́ látẹnu ẹni tí mo ti ṣe é fún. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo ní, kò lè gbà yín ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ẹ sì lè fi ohùn dá mi lóhùn. Èmi ni màá kọ ọ́ sílẹ̀, màá fi ránṣẹ́ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ yọ èyí tí kò bá wù yín. Mi ò ní í fi han ẹnikẹ́ni àyàfi bí ẹ bá ní ó dáa. Bí kò bá sì rọrùn fún yín, kò sóhun tó burú níbẹ̀ mà, mo ṣì wà nídìí iṣẹ́ yín bí mo ṣe wà tẹ́lẹ̀."

Ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe. Ó sọ ìdí tí a fi ń béèrè. Ó sọ iye àsìkò tó máa gbà. Ó mú ìwé kíkọ kúrò lọ́rùn màmá náà. Ó jẹ́ kó mọ̀ pé òun ló láṣẹ lórí ohun tí yóò jáde. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, tí àwọn kan á ní kò yẹ ká sọ, ni mo kà sí pàtàkì jù lọ. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun lè sọ pé rárá láìjẹ́ pé ọ̀rẹ́ bà jẹ́, ara rẹ̀ á balẹ̀ láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ló sì ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá kọ̀, oníṣẹ́ kò ní í dá àwọn lóhùn mọ́ lọ́jọ́ tí nǹkan bá bà jẹ́.

Ìbéèrè mẹ́ta náà kò le. Kí ló ń dà yín láàmú kí ẹ tó pè mí? Kí ló bà yín lẹ́rù kí ẹ tó gbéṣẹ́ náà fún mi? Kí ló ti yí padà láti ìgbà tí a ti parí ẹ̀? Ẹ ò rí i pé kò sí "báwo lẹ ṣe rí iṣẹ́ mi sí?" níbẹ̀. Ìbéèrè yẹn ló ń bí "iṣẹ́ rẹ̀ dára púpọ̀, mo gbóríyìn fún un", tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè kejì lẹni tó ń kà á yóò rí ara rẹ̀ nínú ẹ̀, nítorí ohun tó bá màmá yìí lẹ́rù ló ń ba òun náà lẹ́rù.

Màmá wa kò kọ nǹkan kan. Ó fi ohùn ránṣẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta ó lé díẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ náà, ó ní lítà epo bẹntiróòlù 50 ni iléèwé máa ń rà lọ́sẹ̀ kan, àti pé bí jẹnẹrétọ̀ bá ti ń ké, àwọn ọmọ tó jókòó lápá ibẹ̀ kì í gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ. Ó ní ohun tó ba òun lẹ́rù ni pé ẹni tó kọ́kọ́ to ínfátà fún àwọn, bátìrì tó kó wá kò lò ju ọdún kan lọ, kò sì gbé fóònù mọ́. Ó ní lítà 12 làwọn ń rà lọ́sẹ̀ báyìí, ẹ̀rọ tó ń fa omi nìkan ni wọ́n fi ń tan jẹnẹrétọ̀ fún. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "O tiẹ̀ fi ọjọ́ méjì pẹ́ o, àmọ́ o pè mí sọ fún mi kí ọjọ́ tó pé." Ó wá ṣàdúrà fún bí ìṣẹ́jú kan.

Oníṣẹ́ náà gbọ́ ọ, ó tún un gbọ́, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí:

"Kí a tó to ẹ̀rọ yìí, lítà epo 50 ni iléèwé wa ń rà lọ́sẹ̀ kan. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ké, àwọn ọmọ kan kì í gbọ́ tíṣà. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí, nítorí bátìrì tí ẹni àkọ́kọ́ kó fún wa kò lò ju ọdún kan lọ, kò sì gbé fóònù mọ́. Ọjọ́ méjì ni iṣẹ́ yìí fi pẹ́, ṣùgbọ́n ó pè mí kí ọjọ́ tó pé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí a ti ń lò ó, lítà 12 là ń rà lọ́sẹ̀, ẹ̀rọ omi nìkan la sì ń tan jẹnẹrétọ̀ fún."

Gbólóhùn márùn-ún péré ni, kò sì sí èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ń ka ìwé yìí ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Àkúrẹ́ lè fi iye epo tòun náà wé e. Bí iye owó epo bá lọ sókè tó bá wálẹ̀, ọ̀rọ̀ lítà kò yí padà, ìdí nìyẹn tó fi sàn kí a kọ lítà ju kí a kọ náírà lọ. Ọ̀nà kan wà tí mo fi máa ń wọn irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò. Bí a bá lè yọ "ínfátà" kúrò níbẹ̀, ká fi "aṣọ" tàbí "kéèkì" rọ́pò, tí ìwé náà sì tún ń lọ geerege, a jẹ́ pé kò sọ nǹkan kan. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ lára èyí, kò lè ṣeé ṣe.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ méjì tó fi pẹ́ yẹn, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ni yóò fẹ́ yọ ọ́. Tèmi ni pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá ń wá oníṣẹ́ ní ìlú yìí ti mọ̀ pé oníṣẹ́ máa ń pẹ́. Ohun tí kò mọ̀ ni bóyá ẹ máa pe òun. Àléébù kékeré tí a sọ bí a ṣe tọ́jú ẹ̀ ló ń jẹ́ kí a gba èyí tó kù gbọ́. Àmọ́ bí àléébù náà bá ṣì wà nílẹ̀, bíi pé iná ṣì ń kú ní yàrá kan, ẹ lọ tún un ṣe ná, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ìwé.

Ibi tí oníṣẹ́ ti lè ṣìnà wà níhìn-ín. Ó lè fẹ́ sọ lítà 12 di "a ò ra epo mọ́". Ó lè fẹ́ fi kún un pé "bátìrì yìí á lò tó ọdún márùn-ún". Màmá kò sọ bẹ́ẹ̀, kò tiẹ̀ lè mọ̀ ọ́n, nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló fi lò ó. Ìwé tí a gbà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò lè jẹ́rìí sí bí bátìrì ṣe lálòpẹ́ tó. Ẹni tó bá fẹ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, kó padà lọ lẹ́yìn ọdún kan, kó béèrè gbólóhùn kan péré láti fi kún ti tẹ́lẹ̀. Ìyẹn náà rọrùn fún oníbàárà, nítorí ìwé ti wà nílẹ̀, ó kàn fẹ́ fi ìrù sí i ni. Lójú tèmi, ìwé tó ní gbólóhùn ọdún kejì lábẹ́ níye lórí ju ìwé tuntun mẹ́ta lọ.

Nígbà tó ti kọ ọ́ tán, ó fi ránṣẹ́ sí màmá, ó wá bi í pé, "Mà, ṣé bí ẹ ṣe sọ ọ́ nìyí? Kí ni kí n tún ṣe?" Kò kàn sọ pé "ẹ bá mi fọwọ́ sí i". Ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín méjèèjì. Èyí àkọ́kọ́ ń jẹ́ kí àgbà lè ṣàtúnṣe láìní ojú tì yín. Ó ṣeé ṣe kó ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ àkọ́kọ́ kúrò, torí pé àwọn jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Ẹ yọ ọ́. Ó lè ní kí àdúrà wọ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí gbólóhùn àdúrà kan wà nípárí, kò pa ẹnikẹ́ni lára, ó sì ń fi hàn pé èèyàn ilẹ̀ yìí ló kọ ọ́ lóòótọ́.

Èdè ńkọ́? Bí oníbàárà bá sọ Yorùbá, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá. Mo ti rí ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ní ìyálọ́jà kan ló kọ ọ́, tó jẹ́ Òyìnbó tó le ju ti lọ́yà lọ ló kún inú ẹ̀. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Bó bá di dandan kí a ní ti Òyìnbó, kí a túmọ̀ rẹ̀, kí a ka ìtumọ̀ náà sí i létí, kí a sì tọ́jú ti Yorùbá pẹ̀lú ohùn tó fi ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún gba sùúrù. Ohun tó máa ń dá ọ̀pọ̀ oníbàárà dúró kì í ṣe ìwé, orúkọ tí yóò wà lábẹ́ ẹ̀ ni. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó páànẹ̀lì mẹ́jọ sórí òrùlé kò fẹ́ kí olè mọ àdírẹ́sì òun. Ẹlòmíì kò fẹ́ kí ẹbí mọ̀ pé òun lówó tó fi ṣe é. Nítorí náà, ẹ fún un ní ohun tó lè mú níbẹ̀: orúkọ rẹ̀ àti ti iléèwé, tàbí orúkọ iléèwé nìkan, tàbí "obìnrin tó ni iléèwé aládàáani kan ní Ìbàdàn". Ìkẹta yìí kò lágbára tó ti àkọ́kọ́, mi ò ní í tàn yín, ṣùgbọ́n ó sàn ju kó má sí lọ, bó bá sì gbà kí ẹ máa fi nọ́ńbà òun han ẹni tó bá ti fẹ́ gbéṣẹ́ fún yín lóòótọ́, ó ti tó. Ẹ béèrè níkọ̀ọ̀kan ibi tí ẹ fẹ́ lò ó sí: inú ìwé tí ẹ fi ń dárúkọ owó iṣẹ́, ara ògiri ṣọ́ọ̀bù, orí ẹ̀rọ ayélujára, fọ́tò ilé rẹ̀. Ẹni tó gbà kí ẹ fi sínú ìwé lè má gbà kí ẹ fi fọ́tò ilé òun síta. Òfin ààbò ìsọfúnni ẹni tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2023 ka orúkọ, fọ́tò àti nọ́ńbà èèyàn sí ohun tí ó láṣẹ lé lórí, ẹni tó bá sì ti gbà tẹ́lẹ̀ lè ní òun ò fẹ́ mọ́. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Bí iléeṣẹ́ ńlá bá ni oníbàárà yín, ọ̀nà mìíràn ni ẹ máa gbà. Ọ̀gá tó ń bójú tó ilé ní báńkì, tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, kò láṣẹ láti lo ìwé tó ní orúkọ báńkì lórí láti fi yìn yín. Bí ẹ bá ń fúngun mọ́ ọn, ẹ ń kó o sí wàhálà ni. Ẹ béèrè ìwé ìparí iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ka tó gbéṣẹ́ fún yín, nítorí ìyẹn wà nínú iṣẹ́ wọn. Ní ti ọ̀gá náà, ẹ béèrè bóyá ó lè jẹ́ ẹni tí wọ́n á pè lórí fóònù. Púpọ̀ nínú wọn á gbà.

Ní ti ká fi nǹkan ra ìwé ẹ̀rí, bíi ká ní "ẹ kọ ọ́, màá yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kúrò níbẹ̀", mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹni tó gba ẹ̀dínwó kò ní í lè sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ méjì yẹn. Àwọn tó tiẹ̀ ń jókòó sílé kọ ìwé ẹ̀rí fún ara wọn, tí wọ́n ń fi orúkọ ẹni tí kò sí sábẹ́ ẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 kò gba kí oníṣòwò fi irọ́ tàbí ẹ̀tàn polówó ọjà. Ẹ̀bùn ìdúpẹ́ tí oníbàárà kò retí, tó wá lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ ti parí, ìyẹn lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n kí ó mọ níwọ̀n.

Báwo la ṣe ń mọ ẹni tí kò fẹ́? Nínú àṣà wa, àgbà kì í sábà sọ pé "mi ò ṣe". "Ẹ jẹ́ kí n wò ó" ló máa sọ, tàbí "kò burú, ó dọ̀la". Ẹ rán an létí lẹ́ẹ̀kan péré, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì fi ìbéèrè mẹ́ta yẹn sí i, kó má baà ní láti wá a kiri nínú fóònù. Bó bá tún sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kejì, rárá ló sọ yẹn. Ẹ dúpẹ́, ẹ má mẹ́nu bà á mọ́. Nígbà mìíràn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ ní ohun tó ń sọ: nǹkan kan wà nínú iṣẹ́ náà tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, tí ojú sì ń tì í láti sọ. Ẹ fi ọjọ́ mélòó kan sí i, ẹ wá pe e, kì í ṣe nípa ìwé. Ẹ bi í bóyá ibì kan wà nínú iṣẹ́ náà tó fẹ́ kí ẹ wá wò. Bí ó bá ní ó wà, ẹ mú irinṣẹ́ yín lọ.

Èyí tí ẹ bá rí gbà, ẹ kọ déètì sí i, oṣù àti ọdún, ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sí fáìlì kan pọ̀ mọ́ rìsíìtì àti fọ́tò iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá fẹ́ fi han ẹni tuntun, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ síwájú ẹ̀. Ẹ wá méjì tó jọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, oníléèwé fún oníléèwé, onílé fún onílé. Bí iṣẹ́ náà bá sì ti pẹ́ ju ọdún mẹ́ta lọ, ẹ pe oníbàárà àtijọ́ yẹn kí ẹ tó fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kí ẹ mọ̀ bóyá ó ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti bóyá bátìrì yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́.